Ta Ló Ń Jẹ Íńtánẹ́ẹ̀tì Ilé Ìlú? Ẹ̀rí Tí Súwíìṣì Wa Jẹ́

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ wa bá ìpàdé gbogbogbòò sọ

 

Ní ìpàdé tó kọjá, ẹ rán mi níṣẹ́. Ọ̀rọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń falẹ̀ ní Ilé Ìlú ni. Ẹ rántí pé ariwo pọ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ní ká dáwó sí i, ká gba ètò tó tóbi ju èyí tí à ń lò lọ. Àwọn mìíràn ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, pé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ló ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì wo fíìmù, ká kúkú já wáyà iyàrá kọ̀ǹpútà wọn, wàhálà á tán. Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ bínú, ó ní ta ló rí wọn? Ìyá wa tó ń darí ilé ìwòsàn náà sọ gbólóhùn kan tí ẹnikẹ́ni ò kọbi ara sí. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi ò mọ̀ nípa fíìmù o. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí mo bá fẹ́ fi àwòrán kan ṣọwọ́ sí dókítà láàárọ̀, kì í lọ."

Mo ní kí ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí n bi súwíìṣì léèrè. Mo ti bi í. Àbọ̀ rẹ̀ ni mo wá jẹ́.

Bí ilé ṣe rí

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni dátà ń gbà wọ Ilé Ìlú, ibẹ̀ náà ló ń gbà jáde. Wáyà kan wá láti orí òpó tó wà lẹ́yìn ilé, ó wọ ráútà. Ráútà wá so mọ́ súwíìṣì, ìyẹn àpótí onípọ́ọ̀tì 24 tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ́fíìsì akọ̀wé. Pọ́ọ̀tì 24 ni wáyà ráútà wọ̀. Àwọn pọ́ọ̀tì yòókù ló pín lọ sí ibi ìkàwé, iyàrá kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, ọ́fíìsì, àti àwọn ẹ̀rọ mìíràn. Ohun tí à ń sanwó fún ni mẹ́gábíìtì 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan fún ohun tó ń wọlé, àti mẹ́gábíìtì 5 fún ohun tó ń jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà méjì yẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò padà sí.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣebí súwíìṣì máa ń ka iye báìtì tó gba pọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan kọjá, kí ló dé tá ò kàn wo pọ́ọ̀tì tí tirẹ̀ pọ̀ jù? Ìbéèrè tó dára ni. Ìdí ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tó gba pọ́ọ̀tì kan kọjá ló ń jáde kúrò nílé. Ibi ìkàwé ní kọ̀ǹpútà kan tí a kó àwọn fídíò ẹ̀kọ́ sí, inú ilé níbí ni àwọn ọmọ ti ń wò ó. Pọ́ọ̀tì rẹ̀ máa ń kún bámú, síbẹ̀ kò ná wa ní nǹkan kan lójú ọ̀nà tó jáde. Ní pọ́ọ̀tì 24 ẹ̀wẹ̀, súwíìṣì á sọ iye tó kọjá lápapọ̀, ṣùgbọ́n kò ní sọ ẹni tó ni ín. Ó dà bí ẹni tó ka iye mọ́tò tó gba ẹnu odi kọjá láì béèrè ilé tí mọ́tò kọ̀ọ̀kan ti wá.

Iṣẹ́ tí sFlow ń ṣe

Súwíìṣì wa ní ohun kan nínú tí wọ́n ń pè ní sFlow. A ti rà á tipẹ́, a ò tan nǹkan náà rí. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ìyá tó ń se ọbẹ̀ kì í mu gbogbo ìkòkò kó tó mọ̀ bóyá iyọ̀ ti tó. Ó kàn máa ń tọ́ ọ wò ni. Dátà kì í rìn ní odindi, ó máa ń gé ara rẹ̀ sí ègé kéékèèké tí à ń pè ní pákẹ́ẹ̀tì. sFlow máa ń mú ẹyọ kan láìròtẹ́lẹ̀ nínú iye pákẹ́ẹ̀tì tí a bá sọ fún un. Èmi ní kó mú ẹyọ kan nínú 256. Bó bá ti mú un, á gé orí rẹ̀, níbi tí a kọ àdírẹ́sì ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ti ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, á kọ nọ́ńbà pọ́ọ̀tì tó gbà wọlé àti èyí tó gbà jáde mọ́ ọn, á sì fi ṣọwọ́ sí kọ̀ǹpútà kan tó ń gba àkọsílẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà á wá sọ ọ́ di púpọ̀ ní 256, a ó sì mọ iye tí oníkálukú lò.

Kọ̀ǹpútà àlòkù kan tó wà lọ́fíìsì ni mo fi gba àkọsílẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ ni 192.168.10.5. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo tẹ̀ sínú súwíìṣì, HP ProCurve ni tiwa:

```
sflow 1 destination 192.168.10.5 6343
sflow 1 sampling 24 256
sflow 1 polling 24 30
```

Ìlà àkọ́kọ́ sọ ibi tí kó máa kó o lọ; 6343 ni nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí sFlow máa ń lò. Ìlà kejì ní kó tọ́ pọ́ọ̀tì 24 wò, ẹyọ kan nínú 256. Ìlà kẹta ní kó máa fi àpapọ̀ kíkà pọ́ọ̀tì náà ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 30-30. Lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, mo gbé nfdump sí i, ọ̀fẹ́ ni, mo sì tan ẹ̀ka rẹ̀ tó ń gba sFlow:

```
sfcapd -D -p 6343 -w /var/flows
```

Fáìlì kan ló ń kọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ iye náà di púpọ̀ ní 256, ẹ má tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Bí nfdump tiyín bá jẹ́ ti àtijọ́, tó ṣáájú 1.7, `-l` ni kí ẹ tẹ̀ dípò `-w`.

Àwọn kan á ní, ṣé ẹyọ kan nínú 256 ò ti kéré jù? Ó dá lórí iye ẹyọ tó bá bọ́ sí yín lọ́wọ́. Òfin tí àwọn tó ń lo sFlow ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹ wá gbòǹgbò onílọ̀ọ́po-méjì iye ẹyọ tí ẹ mú, kí ẹ fi pín 196. Ìdá tó bá jáde nínú ọgọ́rùn-ún ni àṣìṣe yín lè tó. Bí ẹ bá mú ẹyọ 10,000, àṣìṣe ò ní tó ìdá 2 nínú 100. Bí ẹ bá mú ẹyọ 25 péré, ó lè tó ìdá 39. Nítorí náà, ẹni tó ń lo dátà púpọ̀ kò lè sá pamọ́ fún un, ṣùgbọ́n ẹ má fi í dá ẹjọ́ láàárín ẹni méjì tí wọ́n ń lo díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sì wo ìṣẹ́jú kan, ẹ wo wákàtí kan ó kéré tán.

Èsì àkọ́kọ́, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì wá lọ́nà

Ní ọjọ́ Tuesday, mo mú wákàtí kan láàárọ̀, láti aago mẹ́sàn-án sí aago mẹ́wàá, ìgbà tí gbogbo èèyàn ń pariwo pé kò lọ. Mo bèèrè àwọn tó gba dátà jù:

```
nfdump -R /var/flows/nfcapd.202503110900:nfcapd.202503110955 \
  -s dstip/bytes -n 10 'in if 24'
```

Ohun tó jáde ni pé gígábáìtì 3.4 ló wọlé ní wákàtí náà. Nínú rẹ̀, àdírẹ́sì 192.168.10.40 nìkan gba 1.9. Mo wá ẹni tó ni ín. Iyàrá kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni.

Mo fi han àwọn méjì nínú ìgbìmọ̀. Wọ́n ní, "A ò ha sọ bẹ́ẹ̀! Já wáyà, ó ti parí." Kí n má purọ́, ọwọ́ mi ti ń lọ síbi wáyà náà. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ò jẹ́ kí ara mi balẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ìṣirò. Mẹ́gábíìtì 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ó bá kún fún wákàtí kan gbáko, gígábáìtì 9 ni. Tiwa jẹ́ 3.4. Ọ̀nà tó ń wọlé ò tíì dé ìdajì. Bí ọ̀nà ò bá kún, kí ló ń dá mọ́tò dúró?

Ìkejì ni kíkà súwíìṣì fúnra rẹ̀. Mo ti tẹ `show interfaces 24` ní aago mẹ́sàn-án, mo tún tẹ̀ ẹ́ ní aago mẹ́wàá, mo sì yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkejì. Ohun tó wọ pọ́ọ̀tì náà láti ọ̀dọ̀ ráútà jẹ́ 3.4, ó bá ti sFlow mu. Ìyẹn ni pé títọ́wò wa péye. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lọ sọ́dọ̀ ráútà jẹ́ gígábáìtì 2.2, bẹ́ẹ̀ ni sFlow ò sì sọ nǹkan kan fún mi nípa rẹ̀. Mo bèèrè, òfo ló fún mi.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ ṣe irú èyí, ibí yìí ni kí ẹ ti dúró dáadáa. Ọ̀pọ̀ súwíìṣì, tiwa wà lára wọn, pákẹ́ẹ̀tì tó ń wọ pọ́ọ̀tì ni wọ́n ń tọ́ wò, wọn kì í tọ́ èyí tó ń jáde nínú rẹ̀ wò. Nígbà tí mo tan sFlow sórí pọ́ọ̀tì 24 nìkan, ohun tó ń ti íńtánẹ́ẹ̀tì bọ̀ wá sílé nìkan ló rí. Ohun tí àwa ń kó jáde, láti inú pọ́ọ̀tì yòókù ló ti ń wọ súwíìṣì, mi ò sì ní kó wo ibẹ̀. Àwọn àgbà ní a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Apá kan ẹjọ́ ni mo gbọ́, mo sì ti fẹ́ dá a lórí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́.

Èsì kejì

Mo pa ìlà kejì dà, mo ní kó tọ́ gbogbo pọ́ọ̀tì wò:

```
sflow 1 sampling 1-24 256
```

Lọ́jọ́ kejì, ní wákàtí kan náà, mo bèèrè àwọn tó ń fi dátà ránṣẹ́ síta jù. Mo fi `out if 24` sí i, kó lè jẹ́ pé ohun tó ń lọ sọ́dọ̀ ráútà nìkan ni yóò kà, kó fo gbogbo ohun tó ń yí nínú ilé:

```
nfdump -R /var/flows/nfcapd.202503120900:nfcapd.202503120955 \
  -s srcip/bytes -n 10 'out if 24'
```

Àpapọ̀ jẹ́ gígábáìtì 2.2, ó bá kíkà súwíìṣì mu. Nínú rẹ̀, àdírẹ́sì 192.168.10.17 nìkan fi 1.8 ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà akọ̀wé tẹ̀ lé e pẹ̀lú 0.2. Gbogbo ilé tó kù, ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, ibi ìkàwé, wọ́n jọ pín 0.2 tó ṣẹ́kù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mẹ́gábíìtì 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fún wákàtí kan, gígábáìtì 2.25 ni. Tiwa jẹ́ 2.2. Ọ̀nà àbájáde ti kún dé ẹnu. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo sì ló ń lo mẹ́gábíìtì 4 nínú 5.

Ta ni 192.168.10.17? Ráútà ló ń pín àdírẹ́sì, mo wo ìwé rẹ̀, mo rí adírẹ́sì MAC ẹ̀rọ náà, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi bí i nílé iṣẹ́. Mo tẹ `show mac-address` nínú súwíìṣì, ó ní pọ́ọ̀tì 19 ló wà. Mo tọ wáyà pọ́ọ̀tì 19 lọ. Ó gba inú àjà, ó já sí iyàrá ọlọ́dẹ. Àpótí tó ń gba àwòrán kámẹ́rà sílẹ̀ ni.

Ẹ rántí pé lẹ́yìn tí wọ́n jí pánẹ́ẹ̀lì sólà wa, a ní kí wọ́n fi kámẹ́rà mẹ́rin sí i. Ẹni tó bá wa gbé e sí rò ó dáadáa: bí olè bá gbé àpótí náà lọ, àwòrán á bá a lọ. Ló bá ṣètò pé kí àpótí náà máa fi ẹ̀dà gbogbo àwòrán ránṣẹ́ sí ibi ìpamọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ń lo mẹ́gábíìtì 1, mẹ́rin ń lo 4, tọ̀sán-tòru, yálà èèyàn kọjá tàbí kò kọjá. Ní ọjọ́ kan, gígábáìtì 43 nìyẹn. Kò sí ẹni tó ṣìkà. Iṣẹ́ rere ni, a ò kàn wọ̀n ọ́n ni.

Ìdí tí ohun tó ń jáde fi ń dá ohun tó ń wọlé dúró

Ẹnì kan bi mí pé, bó bá jẹ́ àbájáde ló kún, kí ló kan ẹni tó fẹ́ ṣí ojú ìwé kan ní ibi ìkàwé? Ìdí rèé. Ẹni tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí yín láti ọ̀nà jíjìn kì í kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Á kó díẹ̀, á dúró títí ẹ ó fi ránṣẹ́ pé, "ó ti dé", kó tó kó òmíràn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kọ̀ǹpútà ń ṣe. Iṣẹ́ "ó ti dé" yẹn kéré, ṣùgbọ́n ọ̀nà àbájáde ló gbọ́dọ̀ gbà. Bí àwòrán kámẹ́rà bá ti kún ọ̀nà náà, iṣẹ́ kékeré yẹn á máa tò lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ń kó ẹrù bọ̀ á sì máa dúró. Ìdí nìyẹn tí mẹ́gábíìtì 20 tí a sanwó fún ò fi kún rí. Ìdí náà sì nìyẹn tí àwòrán ìyá wa ní ilé ìwòsàn kì í fi í lọ. Àwọn ni wọ́n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà fún wa láti ọjọ́ àkọ́kọ́, a ò gbọ́ ni.

Ẹ tún wò ó. Ètò tuntun tí a fẹ́ dáwó lé lórí, wíwọlé nìkan ló máa sọ di mẹ́gábíìtì 40. Jíjáde á ṣì wà ní 5. À bá san owó náà tán, kí ọ̀rọ̀ wà bó ṣe wà.

Ohun tí a ṣe

A bá àwọn ìgbìmọ̀ ààbò jókòó. A ò pa kámẹ́rà. A ní kí àpótí máa gba gbogbo àwòrán sórí dísíìkì tirẹ̀, kó sì jẹ́ pé ìgbà tí nǹkan bá rìn níwájú kámẹ́rà nìkan ni yóò máa fi èyí tí àwòrán rẹ̀ kéré ránṣẹ́ síta, kó má sì ju ìdajì mẹ́gábíìtì lọ. A gbé àpótí náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó ní kọ́kọ́rọ́. A sún fífi ẹ̀dà fáìlì akọ̀wé pamọ́ sí aago méjì òru.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún wọn wákàtí kan náà. Ohun tó jáde wá sí gígábáìtì 0.5 láti 2.2. Ohun tó wọlé gòkè láti 3.4 sí 5.6, kì í ṣe pé ẹnì kan ń fi dátà ṣòfò, àwọn èèyàn ń rí iṣẹ́ wọn ṣe ni. Ìyá wa fi àwòrán ránṣẹ́ sí dókítà lójú mi, ó lọ.

Ní ti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú gígábáìtì 1.9 wọn, ẹ jẹ́ ká ṣe ìdájọ́ òdodo. Àpótí Wai-Fai kan wà ní iyàrá wọn tó ń fi àdírẹ́sì kan ṣoṣo bo gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Súwíìṣì rí i bí ẹnì kan, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà 30 ni. Bí ẹ bá pín in, mẹ́gábáìtì 63 ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan. Ìyẹn ò tó ẹni tó ń wo fíìmù. Bí ẹ bá rí àdírẹ́sì kan tó ga, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye èèyàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí sFlow ò lè ṣe, àti ohun tí kò yẹ ká fi í ṣe

Àwọn kan ti ń bi mí ní kọ̀rọ̀ pé ṣé mò ń ka àtẹ̀ránṣẹ́ wọn. Ẹ jẹ́ n dáhùn ní gbangba. Báìtì 128 àkọ́kọ́ lára pákẹ́ẹ̀tì ni sFlow sábà máa ń gé, nínú ẹyọ kan nínú 256. Ohun tí a ti pa lójú dé, irú bíi ti báńkì tàbí WhatsApp, kò sí bí a ó ṣe kà á níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé kò rí nǹkan kan. Ó rí i pé àdírẹ́sì báyìí bá àdírẹ́sì báyìí sọ̀rọ̀ ní aago báyìí. Ohun tí a ò bá pa lójú dé, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè hàn. Nítorí náà, a fi òfin sí i: èmi àti akọ̀wé nìkan ló lè ṣí i, ọjọ́ 14 ló ń lò kó tó pa rẹ́, a ò sì ní fi í wádìí ẹnikẹ́ni. Súwíìṣì ń fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ láì pa á lójú dé, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú ilé.

Ohun mìíràn ni pé bí ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀ náà bá sọnù lójú ọ̀nà, súwíìṣì ò ní tún un fi ránṣẹ́, kò sì ní sọ fún yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi àpapọ̀ rẹ̀ wé `show interfaces` nígbà gbogbo. Bí méjèèjì bá súnmọ́ra, ẹ gbà á gbọ́. Bí ti sFlow bá kéré jù, nǹkan ń sọnù tàbí pọ́ọ̀tì kan wà tí ẹ ò tọ́ wò. Bó bá jẹ́ ìlọ́po méjì, á jẹ́ pé súwíìṣì yín ń tọ́ èyí tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde wò, ẹ sì ka pákẹ́ẹ̀tì kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Fún àwọn tí súwíìṣì wọn ò ní sFlow

Àwọn aládùúgbò wa láti ìlú kejì bi mí pé súwíìṣì olówó pọ́ọ́kú ni tiwọn, kò ní nǹkan kan nínú. Ẹ wo ráútà yín. Ọ̀pọ̀ ráútà ní NetFlow. Cisco ló kọ́kọ́ gbé e jáde, àwọn mìíràn sì ń lò ó. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé kì í tọ́ ọ wò bíi sFlow. Ó dà bí akọ̀wé tó jókòó sẹ́nu odi, tó ṣí ojú ìwé kan fún ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan, tó ń kọ iye ẹrù sí i, tó sì ń fà á jáde nígbà tí ìrìnàjò náà bá parí. Lórí MikroTik:

```
/ip traffic-flow set enabled=yes interfaces=bridge active-flow-timeout=1m
/ip traffic-flow target add dst-address=192.168.10.5 port=2055 version=9
```

Ibi méjì ni kí ẹ ti ṣọ́ra. Ẹ ní kó wo apá inú ilé, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ `bridge`. Bí ẹ bá ní kó wo apá ìta, níbi tí ráútà ti fi àdírẹ́sì kan bo gbogbo ilé, ẹnì kan ṣoṣo ló máa hàn bí ẹni tó ń jẹ ohun gbogbo, ráútà náà fúnra rẹ̀. Ìkejì ni `1m` yẹn. Bí ẹ ò bá fi sí i, ìṣẹ́jú 30 ni akọ̀wé ẹnu odi yóò fi di ìwé ìrìnàjò tí kò tíì parí mú. Kámẹ́rà tó ń ránṣẹ́ láì dákẹ́ yóò wá dà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan fún ìdajì wákàtí, kó tó bú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń gba àkọsílẹ̀, `nfcapd` ni kí ẹ tàn dípò `sfcapd`, pẹ̀lú nọ́ńbà 2055.

Ohun tí mo gbé síwájú ilé

Ọ̀gbẹ́ni Alága, mo bẹ ilé yìí ní nǹkan mẹ́ta. Kí a gbé ìdáwó fún ètò tuntun tì ná, nítorí kì í ṣe ibi tó ń dùn wá ló máa wò. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé a fa ọ̀rọ̀ tí a sọ sí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́yìn. Ọ̀gá wọn jókòó síbí, ó sì yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu wa. Ìkẹta, kí ó di òfin pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ so ẹ̀rọ tuntun mọ́ súwíìṣì, ìbáà jẹ́ kámẹ́rà, ìbáà jẹ́ kọ̀ǹpútà, kó sọ fún wa, ká wọn ohun tó ń kó jáde fún ọjọ́ kan ká tó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, màá máa gbé àwọn nọ́ńbà náà wá síbí, ti wíwọlé àti ti jíjáde pọ̀. Bí ọjọ́ kan bá dé tí méjèèjì kún nítòótọ́, tí kò sí ẹ̀rọ kan tó ń ṣe àṣejù, èmi gan-an ni màá dìde pé ẹ dáwó.